Ìtọ́sọ́nà fún Òṣìṣẹ́ Ìlera: Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Àwọn Ìyá Ọlọ́jà Sọ̀rọ̀ Tí Wọn Ò Fi Ní Máa Fi Ẹsẹ̀ Lásán Gbọgbẹ́ Mọ́

Ọ̀rọ̀ nípa ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rọrùn láti sọ lọ́jà, ṣùgbọ́n òun náà ló tètè máa ń já sí asán. Àwọn ìyá á gbọ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì ṣàdúrà fún yín. Tí ẹ bá padà lọ lọ́jọ́ kejì, lórí ẹsẹ̀ lásán náà lẹ máa bá wọn. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́. A ní kí wọ́n máa wọ bàtà, bẹ́ẹ̀ bàtà wà lọ́wọ́ wọn, òun ni wọ́n wọ̀ wá láti ilé. Abẹ́ àtẹ ló wà láti àárọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sáré lọ wá ṣéńjì ní ìsọ̀ kejì, tàbí tí wọ́n fẹ́ pe oníbàárà tó ti ń lọ padà, ni wọ́n ń gbéra láìwọ̀ ọ́. Láàárín ìṣísẹ̀ díẹ̀ yẹn ni ìṣó ti ń wọlé.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà níwájú yín ni kí ẹ mọ ìgbà tí bàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn àti ohun tó ń bọ́ ọ, kí ẹ sì bá wọn wá ojútùú sí i níbi tí wọ́n jókòó sí. Gbogbo ìpele tó wà nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ohun tí ẹ máa kó dání

- Páálí tó le díẹ̀, tó máa tó fún àwòrán ẹsẹ̀ ènìyàn 15. Èyí tí wọ́n fi kó ọjà wá tó bẹ́ẹ̀, tó bá ṣáà ti mọ́ tó sì gbẹ.
- Báírò méjì, sísọ́ọ̀sì kan, àti rúlà tàbí tépù tí àwọn aránṣọ fi ń wọn ènìyàn.
- Oòfà tó lágbára, irú èyí tó ń wà lẹ́yìn gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́, kí ẹ so okùn gígùn mọ́ ọn. Ẹ mú ìgò kékeré tó ní ìdérí pẹ̀lú rẹ̀.
- Búútà tó gba omi lítà méjì, omi tó ṣe é mu, ọṣẹ ìwẹ̀, aṣọ funfun tó mọ́ tàbí gọ́ọ̀sì, àti báńdéèjì.
- Ìwé kékeré tí ẹ máa kọ nǹkan sí.

Ẹ má gbé àwòrán ẹsẹ̀ tó ti jẹrà dání. Ẹ̀rù a máa ba àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le, wọ́n á sì gbójú kúrò. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tí ọgbẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà á fa ìró bò ó, ẹ ò sì ní rí i mọ́.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ rin ọjà náà yí ká

Ẹ ṣe èyí ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ ọ̀rọ̀ yín, kí ó sì jẹ́ ọ̀sán. Láàárọ̀, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn, ẹ ó sì rò pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí oòrùn bá mú, tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nítorí ìjókòó, ni bàtà máa ń bọ́.

Ẹ dúró sí ibi tí ẹ ti lè rí ọ̀wọ́ ìsọ̀ kan dáadáa. Ẹ máa wo àwọn tó bá dìde kúrò níbi ìjókòó wọn títí wọ́n á fi pé 20. Nínú àwọn 20 yẹn, ẹ ka iye tó jáde lórí ẹsẹ̀ lásán, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ya fọ́tò. Iye yẹn lẹ máa lò nígbà tí ẹ bá padà wá, òun nìkan ni yóò sọ bóyá ọ̀rọ̀ yín ràn wọ́n lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa oòfà yín nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá. Yóò kó ìṣó, píìnì, irin tí wọ́n fi ń lẹ páálí àti ègé wáyà. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò. Ẹ rántí pé oòfà kì í gbé àfọ́kù ìgò tàbí ègé igi, ojú lẹ máa fi wá ìyẹn.

Ìpele yìí ti parí tí ẹ bá lè tọ́ka sí ibi mẹ́ta tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ lásán kọjá jù, tí ẹ sì lè sọ ohun tó ń gbé wọn lọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí i pé ọ̀nà omi tàbí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ìpele 2: Àkókò àti ìjókòó

Ẹ gba àyè lọ́wọ́ olórí ọjà ṣáájú, kí ẹ sì bi í ní àkókò tí títà máa ń dẹwọ́. Ogún ìṣẹ́jú tó fún ọ̀rọ̀, kí ẹ fi ogún mìíràn wo ẹsẹ̀. Kí àwọn tí ẹ bá sọ̀rọ̀ má ju 15 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ pín wọn sí méjì, torí pé ẹ fẹ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ má kó wọn lọ sí gbọ̀ngàn. Ẹ lọ bá wọn ní ìsọ̀ wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá kúrò lára ọjà rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀. Àtipé ní gbọ̀ngàn, gbogbo wọn á ti wọ bàtà, ohun tí ẹ wá ṣe á sì pòórá.

Ìpele 3: Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kí ẹ sì dákẹ́

Ẹ kí wọn kú ọjà, ẹ jókòó sórí àpótí tàbí ohun tó bá wà, kí ẹ má dúró lé wọn lórí. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa àrùn, ẹ bi wọ́n pé: “Ẹ̀yin ìyá wa, bàtà tí ẹ wọ̀ wá láàárọ̀ yìí, ìgbà wo lẹ bọ́ ọ, kí ló sì mú yín bọ́ ọ?”

Ibi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ rèé. Ìyá kan á ní, “Ó ń fún mi lẹ́sẹ̀,” òṣìṣẹ́ á sì yára dáhùn pé, “Ṣùgbọ́n màámi, ìṣó lè gún yín o.” Ẹnu àwọn tó kù ti pa nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún sọ tiwọn kí ẹ tó dáhùn, kí ẹ sì kọ ìdí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ìdí tí ẹ máa gbọ́ kò ní ju mẹ́rin lọ, ojútùú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Ẹni tí bàtà ń fún, Ìpele 4 lẹ máa lò fún un. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá láti àárọ̀ ló ti ń fún un tàbí ọ̀sán ló bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú nítorí ìjókòó pípẹ́. Kí ó máa gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré, kí ó máa yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì dìde rìn díẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tàbí tí àmì ìka bá ń kù níbi tí ẹ tẹ̀, ẹ darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn.

Ẹni tí ooru ń mú lẹ́sẹ̀, ẹ má sọ fún un pé kí ó wọ bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀. Yóò bọ́ ọ kí ẹ tó dé ìta ọjà. Sálúbàtà tó ṣí lókè ṣùgbọ́n tó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀ dára fún un. Okùn ẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì, torí pé èyí tí kò ní in máa ń yọ lẹ́sẹ̀ tí ènìyàn bá ń sáré tàbí tó ru ẹrù, ìgbà yẹn gan-an sì ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀.

Ẹni tí ẹrẹ̀ ń bà ní bàtà jẹ́, kí ó ní bàtà rọ́bà kan tí kì í gbé lọ sílé, tó ń fọ̀ tí ọjà bá tú. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó ní ihò àti ìlà tó máa gbá ilẹ̀ mú.

Ẹni tó tẹ́ ọjà sílẹ̀ lórí ẹní, tí kò fẹ́ fi bàtà tẹ ẹní rẹ̀, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn bá a gbé bàtà náà sí ojú ibi tó ń gbà jáde gan-an, kí imú rẹ̀ kọjú síta. Bí bàtà bá wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí tí imú rẹ̀ kọjú sínú, ó ní láti bẹ̀rẹ̀, kí ó yí i padà, kí ó tó wọ̀ ọ́. Oníbàárà ò dúró de ìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá kọjú síta, bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹní ni ẹsẹ̀ ń wọ inú rẹ̀.

Ẹ lè fi ìgò ìṣó yẹn hàn wọ́n nísinsìnyí. Ẹ ní, “Ojú ọ̀nà yìí la ti rí gbogbo èyí lánàá.” Ẹ má fi kún un. Wọ́n á sọ èyí tó kù fúnra wọn.

Kí ẹ tó kúrò lórí ìpele yìí, ó yẹ kí ìyá kọ̀ọ̀kan ti lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tirẹ̀. Ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ yín sọ, tó ní “ó yẹ ká máa wọ bàtà,” kò tíì dáhùn. Ẹ tún un bi pẹ̀lú sùúrù.

Ìpele 4: Àwòrán ẹsẹ̀ lórí páálí

Ẹ jẹ́ kí á mú ìyá aláṣọ kan tó lé ní 50 ọdún, kí á sì bá a dé òpin. Ó ní bàtà, ṣùgbọ́n ó ní kì í pẹ́ lẹ́sẹ̀ òun. Kò mọ̀ ju pé ó ń fún òun lọ.

Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ó dìde dúró lé e, kí ó sì pín ìwúwo ara rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ má ya ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó, torí pé ẹsẹ̀ máa ń gbòòrò tí ara bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ mú báírò dúró ṣánṣán, kí ẹ fi yí ẹsẹ̀ náà ká. Bí báírò bá dagun wọ abẹ́ ẹsẹ̀, àwòrán á kéré ju ẹsẹ̀ lọ, ẹ ó sì sọ fún un pé bàtà rẹ̀ dára nígbà tí kò dára. Ẹ ya méjèèjì, torí ó wọ́pọ̀ kí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, èyí tó tóbi lẹ máa lò.

Ẹ wá gbé bàtà rẹ̀ lé àwòrán náà lórí. Tí ìlà báírò bá yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí níwájú, bàtà náà kò tó o. Gbogbo wọn ló máa ń sún mọ́ wò nígbà yìí, torí pé ojú ti rí ohun tí ẹnu ò lè ṣàlàyé.

Ti ìyá aláṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Inú bàtà rẹ̀ jẹ́ 24. Ó yẹ kí inú bàtà fi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì gùn ju ẹsẹ̀ lọ, nítorí náà èyí tó yẹ ẹ́ wà láàárín 26 sí 27. Ẹ gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún un, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 26 àti ààbọ̀, kí ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpò owó rẹ̀. Tó bá fẹ́ ra bàtà, kí ó ti páálí náà bọ inú rẹ̀. Tó bá sùn pẹrẹsẹ tí kò ká, bàtà náà gùn tó. Kò ní lo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí abẹ́ bàtà, torí pé nọ́ńbà kan náà lè kéré nínú bàtà kan kí ó tóbi nínú òmíràn. Kí ó sì ra á ní ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti gbòòrò tán.

Ẹ wo ara bàtà náà pẹ̀lú. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé iwájú, kí ẹ fi ìka fọwọ́ kàn án díẹ̀díẹ̀: ìṣó tí ṣúmékà kàn máa ń yọrí wọ inú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo abẹ́ gìgísẹ̀. Ibi tó bá ti fẹ́lẹ́ ju báírò lọ kò ní dá ìṣó dúró. Mo fẹ́ kí ẹ sọ òótọ́ fún wọn níbí: bàtà tó dára náà kì í dá ìṣó gígùn tó dúró nínú pákó dúró. Ìdí nìyí tí oòfà àti ìgbálẹ̀ fi tún wúlò. Ẹ fi oòfà yín sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n máa fà á lójú ọ̀nà tí ọjà bá tú.

Ẹ mọ̀ pé ó yé wọn tí ìyá kan bá lè ya ẹsẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀, tó gé páálí rẹ̀, tó sì lo páálí náà nínú bàtà láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i.

Ìpele 5: Ẹ wá ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ nǹkan mọ́

Ẹni tí ìṣó gún tó pariwo, ìrora ti ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí mo ń bẹ̀rù fún ni èyí tí ìṣó gún tí kò mọ̀, tó ṣiṣẹ́ títí di alẹ́, tó wá rí ẹ̀jẹ̀ nínú bàtà. Àtọ̀gbẹ ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń pa iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ báyìí, ẹ̀tẹ̀ náà a sì máa ṣe é. Ọ̀pọ̀ ló ní àtọ̀gbẹ tí kò mọ̀.

Ìdánwò kan wà tí àwọn dókítà ní ìlú Ipswich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2011, tí kò gbà ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Kí ìyá náà jókòó, kí ó bọ́ bàtà, kí ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Ẹ kọ́kọ́ fi orí ìka kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó lè mọ bó ṣe máa rí. Ẹ sọ èwo ni ọ̀tún àti èwo ni òsì fún un. Kí ó wá di ojú, kí ó sì máa sọ “ọ̀tún” tàbí “òsì” nígbàkígbà tó bá ti gbọ́ ọ lára.

Ẹ fi orí ìka ìlábẹ̀ kan ṣóńṣó ọmọ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, bẹ́ẹ̀: àtàǹpàkò ọ̀tún, ọmọ ẹsẹ̀ tó kéré jù ní ọ̀tún, àtàǹpàkò òsì, èyí tó kéré jù ní òsì, ti àárín ní ọ̀tún, ti àárín ní òsì. Mẹ́fà péré ni. Kí ó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́.

Àṣìṣe mẹ́ta ló ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn tẹ ìka mọ́lẹ̀ tàbí kí ó rìn ín, torí pé ẹsẹ̀ tó ti kú díẹ̀ ṣì lè mọ ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Èkejì ni kí ẹ máa bi í pé “ṣé ẹ gbọ́ ọ?” Yóò dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ padà sórí èyí tí kò gbọ́ láti tún un gbìyànjú. Ẹ má tún un ṣe. Èyí tí kò bá gbọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Bí ó bá pàdánù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́fà, ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dínkù. Ìyá aláṣọ wa kò gbọ́ ọmọ ẹsẹ̀ kékeré ọ̀tún, kò gbọ́ ti òsì, kò sì gbọ́ àtàǹpàkò òsì. Mẹ́ta nìyẹn. Ó wá yé wa ìdí tí bàtà tó fún un fi jẹ́ ewu ní ọ̀nà méjì: tó bá bọ́ ọ, kò ní mọ̀ tí píìnì aṣọ bá gún un, tó bá sì fi ipá wọ̀ ọ́, kò ní tètè mọ̀ tó bá ń bó o.

Ẹ má sọ àbájáde yìí lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ má sì sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ, ẹ ò tíì mọ̀. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan dáadáa mọ́, ó sì yẹ kí ilé ìwòsàn yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán rìn níbikíbi, nínú ilé pẹ̀lú. Kó máa ki ọwọ́ sínú bàtà kó tó wọ̀ ọ́. Kó sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́: kí ó gbé dígí sílẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ sókè rẹ̀, tàbí kí ọmọ ilé bá a wò ó. Kí ó má fi ẹsẹ̀ wọn omi gbígbóná, ọwọ́ ni kí ó fi wọ̀n ọ́.

Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ń sán, kí ó máa fọ̀ ọ́, kí ó nù ún gbẹ, kí ó fi ọ̀rá pa á lálaalẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má fi ọ̀rá sí àárín ọmọ ẹsẹ̀. Kó má fi abẹ fá a. Lórí ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ nǹkan, abẹ yẹn lè kọjá awọ líle kí ó tó mọ̀.

Ẹ yẹ ara yín wò: tí gbogbo ènìyàn 15 bá gbọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìka yín kò wúwo jù, àti pé ojú wọn dì lóòótọ́.

Ìpele 6: Ohun tí wọ́n máa ṣe tí nǹkan bá gún wọn

Ẹ má fi ẹnu sọ èyí. Ẹ fi omi àti ọṣẹ ṣe é lójú wọn, lórí ẹsẹ̀ tí ara rẹ̀ le.

Kí ó jókòó. Kí ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fọ ọwọ́. Píìnì tàbí ìṣó kékeré tó hàn síta, kí wọ́n fà á yọ bó ṣe wọlé, kí wọ́n wò ó bóyá ó pé. Èyí tó tóbi tó sì wọlé jìn, tàbí tó ṣẹ́ sínú, kí wọ́n má fà á, kí wọ́n gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi búútà da omi sí ojú ọgbẹ́, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó kéré tán. Ẹ ka ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn pẹ̀lú wọn. Yóò yà wọ́n lẹ́nu bó ṣe pẹ́ tó, torí pé ohun tí wọ́n máa ń ṣe kì í tó ìṣẹ́jú kan. Kí omi máa ṣàn kúrò, kí wọ́n má ki ẹsẹ̀ bọ inú abọ́ kí ìdọ̀tí tún máa padà sínú ọgbẹ́. Tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣí i wò. Kí wọ́n wá dì í pẹ̀lú gọ́ọ̀sì, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, àti nígbàkígbà tó bá tutù.

Ohun tí ẹ máa bá lọ́wọ́ wọn pọ̀: epo gbígbóná, kẹrosíìnì, eérú, ìyẹ̀fun inú kápúsù. Ẹ ṣàlàyé ìdí tí kò fi dára, kí ẹ má kàn sọ pé kò dára. Epo gbígbóná ń jó awọ, ọgbẹ́ kan á wá di méjì. Eérú ń kó kòkòrò wọlé. Ìyẹ̀fun kápúsù máa ń gan lé ojú ọgbẹ́, òkè á dà bíi pé ó ti gbẹ nígbà tí ọyún ń gbá jọ nísàlẹ̀.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ jù nípa ojú ihò ìṣó nìyí: ó kéré lókè, ó jìn nísàlẹ̀, ó sì tètè ń pa ojú dé. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì, tó ń wà nínú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran, ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé ló ti ń gbèrú. Nítorí náà, ìṣó tuntun tó ń dán lè gbé e wọlé, kò dìgbà tó bá dípẹtà. Ẹni tí nǹkan bá gún jìn, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, tàbí ó pẹ́ tán lọ́jọ́ kejì, kí ó mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti gba abẹ́rẹ́ yìí nígbà oyún, ṣùgbọ́n márùn-ún ló pé fún àgbàlagbà. Lórí ọgbẹ́ tó dọ̀tí, tí ó bá ti lé ní ọdún márùn-ún tí ó gba èyí tó kẹ́yìn, wọ́n máa ń fún un ní òmíràn. Ẹni tí kò rántí, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ẹ kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ọgbẹ́ ń burú sí i. Lórí awọ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn, nítorí náà kí wọ́n má dúró de pípọ́n. Kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì ní ibi kan náà: bí ti ọlọ́gbẹ́ bá gbóná ju èkejì lọ, tí ó sì wú, ó ti ń kó àrùn. Ọyún, òórùn, ara gbígbóná àti awọ tó ń dúdú sí i yàtọ̀ sí bó ṣe wà, gbogbo wọn ló ń sọ pé kí wọ́n lọ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń le tí ẹnu kò ṣí dáadáa, kí wọ́n má dúró rárá. Àmì tẹ́tánọ́ọ̀sì nìyẹn, ó sì sábà máa ń yọjú láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí 21 lẹ́yìn ọgbẹ́, nígbà tí ojú ihò náà ti lè jinná tí wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀.

Ti ìyá aláṣọ yàtọ̀. Ọgbẹ́ yòówù, bó ti wù kó kéré, kódà tí kò bá dùn ún, ilé ìwòsàn láàárín wákàtí 24. Kí ó má lo ìrora láti mọ bó ti pọ̀ tó, torí ìrora rẹ̀ ti dákẹ́.

Kí ẹ tó tú ká, ẹ yan ìyá kan kí ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó kù máa tún un ṣe tó bá gbàgbé. Ibi tó bá ti já lẹ tún gbọ́dọ̀ sọ.

Ìpele 7: Ẹ padà lọ

Ẹ padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ní ọ̀sán, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró síbi tí ẹ dúró sí lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tún ka 20 tó bá dìde. Bí mẹ́rìnlá bá jáde lórí ẹsẹ̀ lásán nígbà àkọ́kọ́, tí ó wá di mẹ́fà, ọ̀rọ̀ náà wọlé. Bí ó bá ṣì jẹ́ mẹ́rìnlá, ẹ má tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ẹ wo imú bàtà wọn, kí ẹ wo ibi tó wà. Tó bá ti padà sábẹ́ àtẹ, ìdí kan ṣì wà tí wọn ò tíì sọ fún yín, ẹ tún bi wọ́n ní ìbéèrè Ìpele 3. Ẹ tún kà á lẹ́yìn oṣù kan, pàápàá tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, torí ìdí tí bàtà fi ń bọ́ máa ń yí padà pẹ̀lú òjò.

Ẹ wá àwọn tí ẹ darí sí ilé ìwòsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Bí ìyá aláṣọ kò bá tíì lọ, ẹ bi í ní ohun tó dí i lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé kò rí ẹni tó máa jókòó ti ọjà rẹ̀. Ẹ bá a wá ẹnì kan ní ìsọ̀ kejì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó máa lọ sínú ìwé yín. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sì dínkù, ẹ má jẹ́ kí ó di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó lọ.